Ìtẹ̀mọ́ Alátẹnumọ́ nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Ìlò 'Ni' nínú Yorùbá: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìbéèrè Tí Gbólóhùn Ń Dáhùn

1.0 Ìfáárà

Nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Wáẹ́ẹ̀kì, ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, abala kan wà tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Lábẹ́ abala yìí, a máa ń kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, a ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, a ó sì to ìbéèrè mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti mú ìbéèrè kan ṣoṣo tí gbólóhùn náà jẹ́ ìdáhùn fún. Irú iṣẹ́ kan náà wà nínú ìdánwò àṣewọlé Jáàmù.

Kò ṣọ̀wọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kà, tí ó sì mọ̀ ọ́n kọ, kọsẹ̀ níbí. Gbogbo ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó máa ń jọ ara wọn. Gbogbo wọn ni ó sì bá ìtumọ̀ gbólóhùn náà mu lójú ẹni tí kò mọ ohun tí lẹ́tà ńlá náà dúró fún. Ìdí pàtàkì tí ìkọsẹ̀ yìí fi ń wáyé ni pé etí ọmọ Yorùbá kò ní àṣà kí ó máa wá ìdáhùn sí ìbéèrè nínú agbára tí a fi pe ọ̀rọ̀. Èdè tirẹ̀ ti fún un ní irinṣẹ́ mìíràn fún iṣẹ́ náà. Irinṣẹ́ ọ̀hún ni wúńrẹ̀n 'ni'.

Àlàyé tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé 'ni' Yorùbá lè di kọ́kọ́rọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣí ìlẹ̀kùn ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì náà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà kì í bá gbogbo ihò mu. Olùkọ́ tí kò bá mọ ibi tí ọ̀nà èdè méjèèjì ti yà yóò kó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sínú àṣìṣe mìíràn. Èyí kan àwọn olùkọ́ni lọ́la tí ó pa Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ gan-an, nítorí pé àwọn ni yóò kọ́ ọmọ kan náà ní èdè méjèèjì.

2.0 Ohun tí ìtẹ̀mọ́ alátẹnumọ́ jẹ́

Ìtẹ̀mọ́ alátẹnumọ́ ni kí olùsọ fi ohùn gbé ọ̀rọ̀ kan ga ju àwọn yòókù lọ nínú gbólóhùn kí olùgbọ́ lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn yóò lọ sókè, yóò sì já wálẹ̀ lórí rẹ̀. Fáwẹ̀lì inú rẹ̀ yóò gùn sí i. A ó sì pè é kíkankíkan ju ìyókù lọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lílọ sókè àti jíjá ohùn ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ní ju sílébù kan lọ, sílébù tí ó máa ń gba agbára nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni gbogbo èyí yóò bọ́ sí.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùkọ́ máa ń gbàgbé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ rọlẹ̀: a ó pè wọ́n ní ìsàlẹ̀ ohùn, wọn yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn yóò sì yára. Rírọlẹ̀ yìí ń ran olùgbọ́ lọ́wọ́ bí gíga náà ti ń ràn án lọ́wọ́. Òkè kì í hàn bí kò bá sí àfonífojì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè yéni, ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan: Àìná ra iṣu ní Bódìjà lánàá. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá èyí dọ́gba ní olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀, ibi àti àkókò, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn bákan náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Yorùbá yóò dúró fún ti Gẹ̀ẹ́sì nínú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí, lẹ́tà ńlá yóò sì dúró fún ìtẹ̀mọ́ bí ó ti máa ń rí nínú ìwé ìdánwò. Ìbéèrè ni ó ṣáájú, ìdáhùn bí Gẹ̀ẹ́sì yóò ti sọ ọ́ ni ó tẹ̀lé e.

(1) Ta ni ó ra iṣu ní Bódìjà lánàá? – ÀÌNÁ ra iṣu ní Bódìjà lánàá.
(2) Kí ni Àìná ṣe sí iṣu? – Àìná RA iṣu ní Bódìjà lánàá.
(3) Kí ni Àìná rà? – Àìná ra IṢU ní Bódìjà lánàá.
(4) Níbo ni Àìná ti ra iṣu? – Àìná ra iṣu ní BÓDÌJÀ lánàá.
(5) Ìgbà wo ni Àìná ra iṣu? – Àìná ra iṣu ní Bódìjà LÁNÀÁ.

Ó hàn pé ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn márààrún kò yí padà, ètò wọn kò sì yí padà. Ohùn nìkan ni ó ń rìn láti orí ọ̀rọ̀ kan dé orí òmíràn. Bí a bá kọ gbólóhùn márùn-ún náà sílẹ̀ láìlo lẹ́tà ńlá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọn yóò jẹ́ lójú. M. A. K. Halliday, nínú iṣẹ́ tí ó ṣe ní 1967 lórí ìlọsókè-sódò ohùn nínú Gẹ̀ẹ́sì, so ibi tí ìtẹ̀mọ́ yìí bá bọ́ sí mọ́ ìròyìn tuntun inú gbólóhùn. Ohun tí olùbéèrè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń rọlẹ̀. Ohun tí kò mọ̀, tàbí tí ó ṣì mọ̀, ni ó máa ń ga.

3.0 Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà ṣe iṣẹ́ kan náà

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá ní ìbéèrè márùn-ún òkè yìí, kò ní sọ gbólóhùn kan náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ohun tí yóò sọ nìyí:

(6) Àìná ni ó ra iṣu ní Bódìjà lánàá.
(7) Rírà ni Àìná ra iṣu ní Bódìjà lánàá.
(8) Iṣu ni Àìná rà ní Bódìjà lánàá.
(9) Bódìjà ni Àìná ti ra iṣu lánàá.
(10) Àná ni Àìná ra iṣu ní Bódìjà.

Gbólóhùn alátẹnumọ́ ni a ń pe irú èyí nínú àwọn ìwé gírámà Yorùbá, bíi Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ní 1990. Àwọn ìwé mìíràn ń pè é ní gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Ẹ̀yà tí ó dáhùn ìbéèrè ni a gbé wá síwájú, 'ni' sì tẹ̀lé e. Kò sí ìdí fún ohùn láti ṣe iṣẹ́ tí ipò àti wúńrẹ̀n ti ṣe tán.

Gbígbé síwájú yìí ní ìlànà tirẹ̀. Bí olùwà bá lọ síwájú, 'ó' yóò jókòó sí àyè rẹ̀, bí ó ti wà nínú (6). Ọ̀rọ̀-ìṣe kò lè dá lọ. A ó ṣe àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ kí ó di ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an yóò sì dúró sí àyè rẹ̀, bí ó ti wà nínú (7). Bí ibi bá lọ síwájú, 'ní' yóò sọnù, 'ti' yóò sì wọlé ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Arọ́pò-orúkọ kúkúrú kò lè gba 'ni' rárá. Ẹni tí ó fẹ́ sọ pé òun gan-an ni ó ra iṣu kò lè pe 'mo' kíkankíkan kí ó sì gbà pé ó ti parí. 'Èmi ni mo ra iṣu' ni yóò sọ. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò ṣe ju kí ó gbé ohùn sí orí arọ́pò-orúkọ náà lọ.

Ìdí tí Yorùbá kò fi gbé iṣẹ́ yìí lé gíga ohùn lọ́wọ́ kò ṣòro láti rí. Gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn ti ní iṣẹ́ lórí sílébù kọ̀ọ̀kan. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé Àìná ra ọkọ̀, tí ó sì gbé ohùn sókè lórí sílébù tí ó kẹ́yìn nítorí ìtẹnumọ́, ọkọ́ ni olùgbọ́ lè gbọ́, yóò sì máa ṣe kàyéfì ohun tí Àìná fẹ́ fi ọkọ́ ṣe. Kì í ṣe pé Yorùbá kì í pariwo tàbí kí ó fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ń ṣe é láti fi ìbínú, ìyanu tàbí àwàdà hàn. Ṣùgbọ́n kì í fi í sọ ẹ̀yà gbólóhùn tí ó ń dáhùn ìbéèrè.

4.0 Fífi 'ni' yanjú ìbéèrè ìdánwò

Ìbéèrè tí ó máa ń wà nínú ìwé ìdánwò kì í sábà jẹ́ irú (1) sí (5). Àwọn olùṣètò ìdánwò fẹ́ràn ìbéèrè tí ó ní àṣìṣe nínú, tí gbólóhùn náà sì ń ṣe àtúnṣe sí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

Àìná ra IṢU ní Bódìjà lánàá.
(a) Ṣé Bísí ra iṣu ní Bódìjà lánàá?
(b) Ṣé Àìná ta iṣu ní Bódìjà lánàá?
(d) Ṣé Àìná ra ẹ̀wà ní Bódìjà lánàá?
(e) Ṣé Àìná ra iṣu ní Dùgbẹ̀ lánàá?

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú (a), (b) tàbí (e). Ó rí iṣu nínú gbólóhùn, ó tún rí iṣu nínú ìbéèrè, ó sì rò pé àwọn méjèèjì bára mu. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. Bí iṣu bá ti wà nínú ìbéèrè, olùbéèrè ti mọ̀ nípa iṣu. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tún tẹnu mọ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó sọ gbólóhùn náà di gbólóhùn oní-'ni' ní Yorùbá, kí ó sì gbé ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà ńlá kọ síwájú: 'Iṣu ni Àìná rà ní Bódìjà lánàá.' Lẹ́yìn náà, kí ó fi 'kì í ṣe' kún un, kí ó sì dánu dúró: 'Iṣu ni Àìná rà, kì í ṣe…' Ní ìgbẹ̀yìn, kí ó wá ìbéèrè tí yóò fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó kù. Bí ó bá gbé (a) wò, Bísí ni ó rí. 'Iṣu ni Àìná rà, kì í ṣe Bísí' kò ní ìtumọ̀, nítorí pé Bísí kì í ṣe ohun tí a ń rà. Bí ó bá gbé (b) wò, títà ni ó rí, èyí tí yóò bá 'rírà ni' lọ. Bí ó bá gbé (e) wò, Dùgbẹ̀ ni ó rí, èyí tí yóò bá 'Bódìjà ni' lọ. (d) nìkan ni ó fún un ní ẹ̀wà: 'Iṣu ni Àìná rà, kì í ṣe ẹ̀wà.' Òun ni ìdáhùn.

Òfin kúkúrú kan jáde láti inú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè há sórí: ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè rẹ̀ kò ní. Òfin yìí bá ìbéèrè tí ó ní àṣìṣe nínú mu, ó sì bá irú (1) sí (5) náà mu. Ẹni tí ó bá wo àwọn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó wà ní lẹ́tà ńlá kò sí nínú ìbéèrè rẹ̀.

5.0 Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà

Ibi mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́. Èkíní ni ẹ̀yán. Gẹ̀ẹ́sì lè tẹ̀ mọ́ ẹ̀yán nìkan, kí ó sì fi ọ̀rọ̀-orúkọ sílẹ̀. Ká ní gbólóhùn náà ni 'Àìná ra báàgì PUPA', tí ìbéèrè méjì inú rẹ̀ sì jẹ́ 'Ṣé Àìná ra báàgì dúdú?' àti 'Ṣé Àìná ra bàtà pupa?' Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ̀lé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yóò sọ pé 'Báàgì pupa ni Àìná rà', nítorí pé Yorùbá kì í ya ẹ̀yán yìí kúrò lára ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀. Odidi àpólà-orúkọ ni ó ń lọ síwájú. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé 'Pupa ni Àìná ra báàgì'. Ṣùgbọ́n 'Báàgì pupa ni Àìná rà' lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì: kì í ṣe báàgì dúdú, kì í ṣe bàtà pupa. Kọ́kọ́rọ́ ti há sínú ihò. Ohun tí olùkọ́ yóò kọ́ ọ ni kí ó tún gbólóhùn náà tò: 'Pupa ni báàgì tí Àìná rà, kì í ṣe dúdú.' Bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe bí ọ̀rọ̀ bá kan iye: 'Méjì ni iṣu tí Àìná rà, kì í ṣe mẹ́ta.'

Èkejì ni ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá tẹ ohùn mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń ran ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́wọ́. Irú ìtẹ̀mọ́ yìí kò yan ẹ̀yà kankan nínú gbólóhùn. Ó kàn ń tako ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè rẹ̀ yóò jẹ́ irú 'Ṣé Àìná kò ra iṣu ni?' Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ní àyè yẹn tí a lè gbé síwájú. Gbólóhùn bíi 'Òótọ́ ni pé Àìná ra iṣu' ni ó sún mọ́ ọn. Nítorí náà, bí lẹ́tà ńlá bá bọ́ sórí irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó ní ìyísódì nínú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀kẹta kò sí lọ́wọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń wá. Bí olùsọ kò bá tilẹ̀ fẹ́ tẹnu mọ́ ohunkóhun, Gẹ̀ẹ́sì ṣì máa ń fi ìtẹ̀mọ́ sí apá ìparí gbólóhùn, lórí ọ̀rọ̀ gidi tí ó kẹ́yìn. Nítorí náà, 'Àìná ra IṢU' lè dáhùn 'Kí ni Àìná rà?', ó lè dáhùn 'Kí ni Àìná ṣe?', ó sì lè dáhùn 'Kí ni ó ṣẹlẹ̀?' Ohùn nìkan kò tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ni yóò là á. Yorùbá ni ó là á dáadáa níbí. 'Iṣu ni Àìná rà' dáhùn 'Kí ni Àìná rà?' Ẹni tí a bá bi pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ yóò fi 'ni' sí ìparí gbogbo gbólóhùn: 'Àìná ra iṣu ni.' Olùkọ́ tí ó bá ń ṣètò ìbéèrè fún kíláàsì gbọ́dọ̀ rántí èyí. Bí ó bá tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn, tí ó sì fi 'Kí ni ó ṣẹlẹ̀?' sáàárín àwọn ìbéèrè mẹ́rin náà, ìdáhùn méjì ni yóò tọ̀nà, kò sì ní lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àmì ìkùnà sí èyíkéyìí.

6.0 Láti orí ìwé bọ́ sí ẹnu

Lẹ́tà ńlá inú ìwé ìdánwò kò ju àwòrán ohùn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba gbogbo máàkì, kí ó sì má lè sọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí olùsọ Yorùbá sábà máa ń ṣe nígbà tí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó gbé 'ni' rẹ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì: yóò gbé ọ̀rọ̀ síwájú bí ó ti ń ṣe ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì gba ètò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe gírámà. Àdánù tí ó wà níbẹ̀ wà ní etí. Ẹni tí ó ń dúró de ètò gbólóhùn kí ó tó mọ kókó ọ̀rọ̀ kò ní gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn fi ohùn nìkan sọ fún un. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá sọ pé LÁNÀÁ ni òun béèrè ìwé náà, tí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn láìyí ètò padà, akọ̀wé lè rò pé ìwé ni ó ń bínú lé lórí, nígbà tí ó jẹ́ pé pípẹ́ ni ó ń dùn ún.

Ìdánrawò kan wà tí ó ń fi ìlera tàbí àìsàn ohùn akẹ́kọ̀ọ́ hàn kíákíá. Kí olùkọ́ kọ ìbéèrè (1) sí (5) sí ojú pátákó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú nọ́ńbà kan sọ́kàn, kí ó má sọ ọ́ jáde, kí ó sì ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó mú. Kí àwọn yòókù kọ nọ́ńbà tí wọ́n gbọ́ sínú ìwé wọn láìwo ti ẹnìkejì. Bí ìdáhùn wọn bá ṣọ̀kan pẹ̀lú èyí tí ó mú, ìtẹ̀mọ́ rẹ̀ dára.

Bí kò bá ṣọ̀kan, irú àìṣọ̀kan náà ń sọ ibi tí àrùn wà. Bí ọ̀pọ̀ bá kọ nọ́ńbà márùn-ún nígbà tí òǹkàwé mú ọ̀kan, ó gbé olùwà ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìyókù rọlẹ̀. Ohùn rẹ̀ tún gòkè ní ìparí, ìyẹn sì ni olùgbọ́ gbọ́ kẹ́yìn. Bí ìdáhùn bá fọ́n ká láti ọ̀kan dé márùn-ún, ńṣe ni ó fún gbogbo ọ̀rọ̀ ní agbára kan náà, bí ẹni tí ń ka sílébù Yorùbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe fún méjèèjì kan náà ni. Kí ó pe ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ mọ́ tán, kí ó sì kùn ìyókù gbólóhùn sínú imú láìlanu, ní ìsàlẹ̀ ohùn. Nígbà tí kíkùn náà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó fi ọ̀rọ̀ padà sínú rẹ̀.

Ó dára kí ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ láti orí olùwà. Bí a bá tẹ̀ mọ́ ÀÌNÁ, ìrù gbólóhùn gùn, rírọlẹ̀ rẹ̀ sì hàn gbangba sí etí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí LÁNÀÁ, kò sí ìrù kankan tí yóò rọlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé kíkígbe nìkan ni ìtẹ̀mọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí àyè wọn, ó sì ń gbé ohùn rìn láàárín wọn. Yorùbá fi ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí sílébù, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú 'ni'. Ìbéèrè kan náà ni méjèèjì ń dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè sọ 'iṣu ni, kì í ṣe ẹ̀wà' ní èdè abínibí rẹ̀ ti mọ ohun tí lẹ́tà ńlá inú ìwé ìdánwò ń wí. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ ni kí ó fi hàn án pé 'ni' kì í dá ẹ̀yán gbé síwájú, pé ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń ran ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́wọ́ kò ní àyè nínú rẹ̀, àti pé ìtẹ̀mọ́ ìparí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lè dáhùn ju ìbéèrè kan lọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi etí wá ìbéèrè ara wọn.